Ìdánwò ọ̀fẹ́: ohun tí mo máa ń yẹ̀ wò kí n tó fi káàdì sílẹ̀

Èmi ni mo máa ń bá ibi iṣẹ́ wa yan àwọn áàpù tí a ń lò: èyí tí a fi ń kọ ìwé owó sí oníbàárà, èyí tí a fi ń pín iṣẹ́, èyí tí à ń kó fáìlì sí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ọ̀kan nínú wọn tí kì í sọ pé ká kọ́kọ́ dán òun wò lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tí mo ti rí kọ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí pọ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ló ṣáájú gbogbo rẹ̀: ṣé wọ́n gba nọ́ńbà káàdì lọ́wọ́ yín kí ẹ tó wọlé, àbí wọn ò gbà á?

Bí wọn ò bá gbà á, ọ̀rọ̀ ò le. Ọjọ́ tí àkókò bá pé, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á ní kí ẹ sanwó bí ẹ bá fẹ́ máa bá a lọ, ẹ̀yin lẹ ó sì pinnu. Ẹ ò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti gba káàdì, lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ ti ra ọjà náà nìyẹn, owó rẹ̀ ni wọ́n sún síwájú. Mi ò ṣe àsọdùn. Mo ti jókòó ti àwọn tó ń kọ irú ètò bẹ́ẹ̀, mo sì ti rí bó ṣe ń ṣiṣẹ́ láti inú. Ẹ jẹ́ ká fi Stripe ṣe àpẹẹrẹ, ilé iṣẹ́ tó ń bá àwọn oníṣòwò orí íńtánẹ́ẹ̀tì gba owó lórí káàdì. Oníṣòwò á kọ iye ọjọ́ ìdánwò sílẹ̀ báyìí:

```
trial_period_days=14
```

Bí ẹ bá ṣe ń tẹ bọ́tìnnì báyìí ni àsansílẹ̀ yín ti bẹ̀rẹ̀. Ètò náà á kọ ọ́ síwájú orúkọ yín pé `trialing`, á sì kọ ìwé owó àkọ́kọ́ tí iye rẹ̀ jẹ́ òdo. Nígbà tí ọjọ́ 14 bá pé, yóò fúnra rẹ̀ kọ ìwé owó tuntun tó ní iye gidi nínú, `trialing` á di `active`, nǹkan bíi wákàtí kan lẹ́yìn náà ni yóò gbìyànjú láti yọ owó lórí káàdì yín. Kò sí ẹni tó jókòó síbẹ̀ tó ń wò ó bóyá ẹ lò ó tàbí ẹ ò lò ó, bóyá ó wù yín tàbí ó ti sú yín. Aago ló ń ṣe gbogbo rẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń ka ojú ìwé tí wọ́n ti ń gba káàdì bí ẹni tó ń ka ìwé ilẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀kan tí a dán wò ṣe àlàyé. Àwa márùn-ún la fẹ́ máa fi pín iṣẹ́, ká sì máa tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn oníbàárà síbẹ̀. Ojú ìwé iye owó wọn gbé dọ́là 12 síta gàdàgbà. Lábẹ́ rẹ̀, ní lẹ́tà wínníwínní, wọ́n kọ "per user / month, billed annually". Lókè pátápátá, bọ́tìnnì kékeré kan wà tí èèyàn lè tì sí apá kan tàbí èkejì: "Yearly" ní ìhín, "Monthly" ní ọ̀hún. Wọ́n ti tì í sí "Yearly" kí n tó débẹ̀. Nígbà tí mo tì í sí "Monthly", 12 di 15.

Dọ́là 12 yẹn, iye tó máa kan ẹnì kan lóṣù kan ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í gbà á lóṣooṣù. Owó odindi ọdún ni wọ́n ń gbà lẹ́ẹ̀kan náà. 12 lọ́nà 12 jẹ́ 144 fún ẹnì kan. Fún àwa márùn-ún, ó di 720. Ẹni tó bá rò pé bí òun bá tilẹ̀ gbàgbé, dọ́là 12 péré ló máa bá a lọ, 720 ni báńkì máa fi ránṣẹ́ sí i pé ó ti lọ nígbà tí ọjọ́ 14 bá pé. Bó bá jẹ́ "Monthly" ni, 15 lọ́nà 5, 75 ni wọ́n máa yọ.

Ní ti èyí tó dára jù láàárín méjèèjì, ìṣirò ló máa sọ ọ́. Bí a bá ń san 75 lóṣooṣù, oṣù mẹ́sàn-án jẹ́ 675, oṣù kẹwàá ló gbé e kọjá 720. Ìyẹn ni pé ti ọdún kì í rẹlẹ̀ àfi bí ó bá dá wa lójú pé a ó lò ó tó oṣù mẹ́wàá. Ta ló lè fọwọ́ sọ̀yà bẹ́ẹ̀ lórí ohun tí kò tíì lò fún ọ̀sẹ̀ kan? Ti oṣooṣù ni mo máa ń yàn nígbà ìdánwò, kódà bí ọkàn mi bá ti fà sí ohun náà. Láti oṣù bọ́ sí ọdún, bọ́tìnnì kan ni. Láti ọdún padà sí oṣù, ẹ ó dúró kí ọdún pé ni, tàbí kí ẹ máa kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ fún owó ara yín.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ti ń tẹ nọ́ńbà káàdì, ìlà méjì wà. Ọ̀kan á kọ "Due today", òdo á wà níwájú rẹ̀, wọ́n á sì jẹ́ kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi. Èkejì á wà nísàlẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ á ṣàì ràn dáadáa, á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Then", lẹ́yìn rẹ̀ iye owó, lẹ́yìn rẹ̀ ọjọ́. Ìlà kejì yìí ni àdéhùn. Mo máa ń ya fọ́tò ojú ìwé náà kí n tó tẹ ohunkóhun, torí pé lẹ́yìn tí ẹ bá ti wọlé tán, ẹ lè má rí ojú ìwé yẹn mọ́. Bí ẹ bá sì rí "plus applicable taxes" níbẹ̀, ẹ mọ̀ pé owó orí ṣì máa gun orí iye tí wọ́n kọ.

Iye èèyàn tún ń yí owó padà, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò. Nígbà ìdánwò, áàpù náà fúnra rẹ̀ á máa rọ̀ yín pé kí ẹ pe àwọn ẹlẹgbẹ́ yín wọlé, kò sì ní gba kọ́bọ̀ lórí wọn lọ́jọ́ náà. Ọ̀dọ́kùnrin kan níbi iṣẹ́ wa pe àwọn méjì láti ìta wọlé, kí wọ́n kàn lè máa wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Mo pè é jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣebí ọ̀fẹ́ ni?"

"Ọ̀fẹ́ ni lónìí. Wo ibí yìí."

Mo ṣí ojú ìwé tí wọ́n pè ní "Billing" hàn án. Ìlà tó ń sọ owó tó ń bọ̀ ti kúrò ní 75, ó ti di 105. Bó bá jẹ́ pé ti ọdún la yàn ni, 720 ì bá ti di 1,008. A lọ síbi tí orúkọ àwọn èèyàn wà, a yí àwọn méjì náà kúrò ní "Member" sí "Guest", èyí tó lè wo nǹkan ṣùgbọ́n tí kò lè yí i padà, iye náà sì padà sí 75 lójú wa. Kì í ṣe gbogbo áàpù ló ní irú àyè àlejò bẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí náà ojú ìwé "Billing" ni ẹ máa wò lẹ́yìn gbogbo ẹni tí ẹ bá pè wọlé. Kì í parọ́, torí òun gan-an ni wọ́n máa fi gba owó.

Ọ̀dọ́kùnrin yìí kan náà ló tún sáré wá bá mi nígbà kan pé wọ́n ti yọ dọ́là kan lórí káàdì ibi iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ìdánwò ọ̀fẹ́ ni wọ́n pè é. Irú ìyẹn kì í sábà jẹ́ owó ọjà. Wọ́n ń bi báńkì léèrè bóyá káàdì náà ṣì ń ṣiṣẹ́ ni, báńkì sì fi dọ́là kan pa mọ́ dípò ìdáhùn. Ohun tí ẹ ó fi mọ̀ ọ́n ni pé báńkì á kọ "pending" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tó bá sì tó ọjọ́ mélòó kan, ìlà náà á pòórá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dá owó padà. Bí kò bá pòórá, tó wá di owó tó ti lọ pátápátá, ìdánwò náà lówó lórí nìyẹn. Ẹ padà síbi fọ́tò tí ẹ yà, iye tí wọ́n kọ síwájú "Due today" á sọ bóyá wọ́n ti sọ fún yín tẹ́lẹ̀.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ aago. Ìṣẹ́jú tí ẹ tẹ "Start free trial" ni kíkà bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ráyè jókòó tì í. Nítorí náà mi ò kì í bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kankan títí tí àwọn tó máa lò ó á fi wà nítòsí, tí àkọsílẹ̀ tí a máa fi dán an wò á sì ti wà nílẹ̀. Ọjọ́ 14 tí èèyàn fi mẹ́sàn-án nínú rẹ̀ wá fáìlì kiri, ọjọ́ márùn-ún ló ní.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ka ọjọ́ náà sì yàtọ̀ síra. Ká ní ẹ bẹ̀rẹ̀ ní aago mọ́kànlá àbọ̀ alẹ́ ọjọ́ kìíní oṣù. Àwọn kan á ka wákàtí 24 lọ́nà 14, yóò parí ní aago mọ́kànlá àbọ̀ alẹ́ ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún. Àwọn mìíràn á ka alẹ́ ọjọ́ kìíní yẹn sí odindi ọjọ́ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ló kù nínú rẹ̀, yóò sì parí lọ́jọ́ kẹrìnlá. Lẹ́yìn èyí, aago wo ni wọ́n ń lò? Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tó ń gbé áàpù ló ń fi UTC ṣiṣẹ́, aago kan tí gbogbo ayé fi ń ṣe òṣùwọ̀n. Ẹni tí aago ìlú rẹ̀ bá fi wákàtí márùn-ún wà lẹ́yìn UTC, aago méje alẹ́ ló máa jẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tí ọjọ́ bá yí lọ́dọ̀ wọn. Ó lè jókòó lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ pé òun fẹ́ fagi lé e, kí wọ́n sì ti yọ owó tán.

Ti àwọn áàpù tí a bẹ̀rẹ̀ láti inú fóònù tún gba àfiyèsí tirẹ̀. Apple sọ ọ́ kedere pé ẹni tí kò bá fẹ́ kí ìdánwò òun di olówó gbọ́dọ̀ fagi lé e, ó kéré tán, wákàtí 24 kó tó parí. Ìdánwò ọjọ́ méje wá di ọjọ́ mẹ́fà nìyẹn. Google náà sọ fún àwọn tó ń lo Play pé yíyọ áàpù kúrò lórí fóònù kò fagi lé àsansílẹ̀. Mo ti rí i lọ́wọ́ àwọn èèyàn gidi: wọ́n ti yọ áàpù kúrò, wọ́n ti gbàgbé orúkọ rẹ̀, owó ṣì ń lọ lóṣooṣù. Ibi tí ẹ bá ti rà á ni ẹ ti máa fagi lé e. Bó bá jẹ́ inú ilé ìtajà fóònù lẹ ti tẹ "Start", ẹ lè máa kọ̀wé sí àwọn tó ni áàpù náà títí, wọ́n á dá yín lóhùn pé kò sí lọ́wọ́ àwọn, òtítọ́ ni wọ́n sì ń sọ. Inú "Subscriptions" nínú fóònù yín ni ó wà.

Àwọn kan máa ń rò pé bí àwọn bá lo káàdì tí kò sówó nínú rẹ̀, tàbí tí àwọn bá gba káàdì tuntun, ọ̀rọ̀ ti parí. Mi ò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Bí owó kò bá wọlé, ìwé owó náà ò kú. Wọ́n á sinmi, wọ́n á tún gbìyànjú, wọ́n á tún gbìyànjú, fún ọjọ́ mélòó kan tàbí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọjọ́ tí owó bá sì bọ́ sínú káàdì náà ni wọ́n máa mú un. Ní ti káàdì tuntun, Visa ní ètò kan tí báńkì fi ń jẹ́ kí oníṣòwò mọ nọ́ńbà káàdì tuntun tó rọ́pò ti àtijọ́, kí owó àsansílẹ̀ má bàa dúró. Káàdì lè yí padà, kí wọ́n ṣì máa yọ owó náà láìbéèrè lọ́wọ́ yín.

Ó wá kù sí ìránnilétí. Láti oṣù kẹrin ọdún 2020 ni Visa ti fi í lélẹ̀ fún àwọn oníṣòwò tó ń ṣe ìdánwò ọ̀fẹ́ pé kí wọ́n rán oníbàárà létí, ó kéré tán ọjọ́ méje ṣáájú kí wọ́n tó yọ owó àkọ́kọ́, kí ọ̀nà tó lè gbà fagi lé e lórí íńtánẹ́ẹ̀tì sì wà nínú ìránnilétí náà. Òfin tó dára ni, mo sì máa ń retí ímeèlì náà. Ṣùgbọ́n nínú àpò "Spam" tàbí "Promotions" ló sábà máa ń já sí, nítorí náà mi ò fi ṣe aago mi. Kàlẹ́ńdà fóònù mi ni mo ń lò: ọjọ́ méjì ṣáájú ọjọ́ tó wà nínú ìlà "Then", mo kọ orúkọ áàpù náà síbẹ̀, iye tí wọ́n máa yọ, àti ibi tí bọ́tìnnì fífagi lé e wà. Mo máa ń wá bọ́tìnnì yẹn rí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gan-an, nígbà tí ara ṣì balẹ̀.

Bí mo bá sì ti rí i, mo máa ń bi ara mi bóyá kí n kúkú tẹ̀ ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn kan, ẹni tó bá fagi lé e lónìí á ṣì máa lò ó títí ìdánwò á fi parí. Lọ́dọ̀ àwọn mìíràn, bí ẹ bá ṣe tẹ̀ ẹ́ ni wọ́n á lé yín jáde. Ojú ìwé tó máa ń jáde kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì ìkẹyìn ló máa sọ fún yín. Bó bá kọ "You'll have access until" pẹ̀lú ọjọ́, mo máa ń parí rẹ̀, ọkàn mi á sì balẹ̀ láti máa dán nǹkan náà wò. Bó bá kọ "You will lose access immediately", mo máa padà sẹ́yìn, mo máa dúró de kàlẹ́ńdà mi. Ohun kan ṣoṣo tí mo máa ń tẹnu mọ́ fún àwọn tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ni pé kí wọ́n má fi ojú ìwé àárín pe ìkẹyìn. Wọ́n á bi yín ìdí tí ẹ fi ń lọ, wọ́n á ní kí ẹ sinmi fún oṣù kan, wọ́n á ní àwọn máa dín owó kù, bọ́tìnnì tó tóbi jù nínú gbogbo rẹ̀ sì ni "Keep my plan". Títí tí ẹ ó fi rí "Canceled" àti ọjọ́ lára rẹ̀, tí ímeèlì á sì wọlé, ẹ ò tíì fagi lé ohunkóhun.

Nísinsìnyí, kí ni ìdánwò náà gan-an ní nínú? Ibí yìí ni mo ti máa ń lo àkókò jù, torí owó tí wọ́n yọ láìròtẹ́lẹ̀ ṣeé gbà padà nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a ti kó sínú ohun tí kò lè gbé e, oṣù mélòó kan ló máa ń jẹ.

Ìdènà tó rọrùn láti rí ni ti iye: àkọsílẹ̀ ò gbọdọ̀ ju iye kan lọ, fáìlì ò gbọdọ̀ wúwo ju báyìí lọ, tàbí kí wọ́n lẹ orúkọ ilé iṣẹ́ wọn mọ́ àárín gbogbo ìwé tí ẹ bá tẹ̀ jáde. Ẹ ó rí ìyẹn láàárín wákàtí kan. Àwọn ìdènà kan sì wà tí wọ́n fi sí i nítorí àwọn oníjìbìtì, ó sì yé mi. Twilio, tí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ń lò láti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù, kì í jẹ́ kí ẹni tó wà nínú ìdánwò fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí nọ́ńbà èyíkéyìí àfi èyí tó ti fi hàn pé òun ló ni ín, ọ̀rọ̀ náà á sì máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Sent from your Twilio trial account". Ẹ lè fi mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ń lọ. Ẹ ò lè fi rán ọ̀rọ̀ sí oníbàárà kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ti ṣèlérí fún ọ̀gá rẹ̀ pé òun máa fi ìdánwò ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé máa dúró síbẹ̀.

Èyí tó fara pa mọ́ jù ni ìgbà tí ìdánwò bá ga ju ohun tí ẹ fẹ́ rà lọ. Áàpù tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè yẹn, ètò tó kéré jù la yàn, èyí tí wọ́n pè ní "Starter". Ṣùgbọ́n fún ọjọ́ 14 náà, ọ̀pọ̀ ohun tó wà nínú "Business", ètò tó tẹ̀ lé e lókè, ni wọ́n ṣí sílẹ̀ fún wa. Wọn ò parọ́ fún wa, wọ́n kọ ọ́ sínú ímeèlì àkọ́kọ́. Àbájáde rẹ̀ ni pé àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń kọ́ àṣà lórí ohun tí a ò ní san owó rẹ̀. Èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù ni bí áàpù náà ṣe ń fúnra rẹ̀ rán oníbàárà létí nígbà tí ìwé owó bá ti pẹ́ láìsan.

Mo ní kí olúkúlùkù kọ ohun tó ń lò lójoojúmọ́ sórí ìwé kan. Lẹ́yìn náà mo ṣí ojú ìwé tí wọ́n pè ní "Compare plans", mo ń fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan, mo ń wò ó bóyá àmì wà lábẹ́ "Starter". Pípín iṣẹ́ wà. Àkọsílẹ̀ oníbàárà wà. Níwájú ìránnilétí aládàáṣe, àlàfo ló wà lábẹ́ "Starter", àmì sì wà lábẹ́ "Business". "Business" jẹ́ dọ́là 24 fún ẹnì kan lóṣù, 24 lọ́nà 5, 120. Ohun tí a rò pé à ń dán wò jẹ́ 75, ohun tí a ń lò gan-an jẹ́ 120.

Mo kọ̀wé sí àwọn tó ń dá oníbàárà lóhùn: "Ẹ kú iṣẹ́. Bí ìdánwò wa bá parí tí a sì dúró sórí Starter, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí àwọn ìránnilétí tí a ti tò sílẹ̀? Ṣé ẹ ó pa wọ́n rẹ́, àbí wọ́n á kàn dáwọ́ dúró?" Wọ́n dáhùn pé wọ́n á dáwọ́ dúró, wọn ò ní parẹ́, áàpù náà ò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ tí wọ́n bá dáwọ́ dúró. Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ló ṣe iyebíye jù fún mi. Ẹni tí kò bá béèrè á máa rò pé wọ́n ń rán àwọn oníbàárà òun létí, títí tí oṣù á fi parí tí kò sí ẹni tó sanwó. A pa àwọn ìránnilétí náà fúnra wa kí ìdánwò tó parí, a fi ọjọ́ tó kù rí bí iṣẹ́ ṣe máa rí láìsí wọn. Ó ṣeé ṣe. Obìnrin kan láàárín wa gbà láti máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán wọn létí ní ọjọ́ Ajé kọ̀ọ̀kan, a sì dúró sórí 75.

Kí a tó san kọ́bọ̀, mo dán ohun kan wò tí mi ò kì í fò rí: kíkó àkọsílẹ̀ wa jáde. Mo tẹ "Export". Bọ́tìnnì náà ti ṣú, mo gbé atọ́ka lé e, ó kọ "Upgrade to export". Ó yẹ kí èèyàn fara balẹ̀ níbi tó bá ti bá irú èyí pàdé, torí ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ohun tí ẹ bá kó wọlé nígbà ìdánwò ò lè jáde àfi kí ẹ sanwó. Láti ìgbà náà, àkọsílẹ̀ díẹ̀ la ń lò fún ìdánwò, ẹ̀dà rẹ̀ á sì wà lọ́wọ́ wa. Nígbà tí a san owó oṣù àkọ́kọ́, "Export" ni ohun tí mo kọ́kọ́ tẹ̀. Mo ṣí fáìlì tó jáde, mo wò ó bóyá orúkọ, ọjọ́ àti iye owó pé, bóyá àwọn àmì ohùn tó wà lórí orúkọ àwọn èèyàn ò dà rú. Fáìlì lè jáde kó má wúlò.

Bí ìdánwò bá parí tí a ò sì rà á, mo máa ń fẹ́ mọ iye ọjọ́ tí wọ́n máa fi tọ́jú ohun tí a kó síbẹ̀. Google Cloud, níbi tí èèyàn ti ń yá kọ̀ǹpútà lò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ṣe tirẹ̀ lọ́nà tó yé èèyàn: wọ́n fún yín ní dọ́là 300 láti fi ṣiṣẹ́ láàárín ọjọ́ 90, èyí tó bá kọ́kọ́ tán nínú méjèèjì ni òpin. Wọ́n gba káàdì, ṣùgbọ́n wọn ò ní yọ owó àfi bí ẹ̀yin fúnra yín bá tẹ̀ ẹ́ pé ẹ fẹ́ di oníbàárà tó ń sanwó. Ìdènà rẹ̀ wà ní kíkọ: ẹ ò lè fi GPU, ẹ̀rọ tó ń ṣe iṣẹ́ àwòrán àti ìṣirò ńlá, kún kọ̀ǹpútà tí ẹ yá, ẹ ò lè lo Windows Server, ẹ ò sì lè béèrè pé kí wọ́n fi kún ìwọ̀n tí wọ́n fún yín. Nígbà tó bá parí, ohun gbogbo á dúró, ẹ ó sì ní ọjọ́ 30 láti fi gbà á padà kí wọ́n tó pa á rẹ́. Ibi tí kò bá ti kọ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, mo máa ń béèrè rẹ̀ nínú ímeèlì, ìdáhùn wọn á sì wọ inú àpò kan náà tí fọ́tò ojú ìwé àkọ́kọ́ wà. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń pa àkáǹtì náà rẹ́ pẹ̀lú ọwọ́ ara mi, torí pé orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àwọn oníbàárà wa ló wà nínú rẹ̀. Fífagi lé àsansílẹ̀ ló ń ṣáájú, pípa àkáǹtì rẹ́ ló ń tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá kọ́kọ́ pa àkáǹtì rẹ́ lè má lè wọlé mọ́ láti fagi lé owó tó ṣì ń lọ.